Òjò Abúlé Tí Kò Ní Òṣùwọ̀n

Òṣùwọ̀n òjò kì í wọn ju omi tó bá bọ́ sí ẹnu rẹ̀ lọ. Abúlé tí kò ní òṣùwọ̀n, tó wà láàárín àwọn ìlú tó ní, ìṣirò ni wọ́n fi ń díwọ̀n òjò tirẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni èyí tí Donald Shepard gbé jáde ní 1968. Òṣùwọ̀n tó sún mọ́ abúlé náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wúwo jù. Èyí tó jìnnà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a fúyẹ́. Wọ́n á sọ ìjìnnà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wọ́n á fi èsì rẹ̀ pín 1, ohun tó bá jáde ni ìwúwo òṣùwọ̀n náà.

Ká ní òṣùwọ̀n kan jìnnà sí abúlé náà ní kìlómítà 5, tó gba òjò mílímítà 30. Méjì mìíràn jìnnà ní kìlómítà 10: ọ̀kan gba 12, èkejì gba 18. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100, nítorí náà bí ìwúwo àwọn tó jìnnà bá jẹ́ 1, ti èyí tó sún mọ́ tòsí á jẹ́ 4. 30 lọ́nà 4 jẹ́ 120. Bí wọ́n bá ro 12 àti 18 mọ́ ọn, ó di 150. Àròpọ̀ ìwúwo wọn jẹ́ 6. Wọ́n pín 150 sí 6, ó jẹ́ 25: mílímítà 25 ni ìṣirò pè é.

Ta ló lè jẹ́rìí sí i, nígbà tí kò sí òṣùwọ̀n níbẹ̀? Ibùdó tó ní òṣùwọ̀n ni wọ́n á fi dán an wò. Wọ́n á fi iye tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á ṣírò òjò ibẹ̀ láti ara àwọn yòókù, kí wọ́n tó ṣí èyí tí wọ́n fi pamọ́ wò. Bí abúlé inú àpẹẹrẹ yìí bá jẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé 19 ló gbà, ìṣirò fi 6 lé e. Bí wọ́n bá lo ìjìnnà bó ṣe wà, láìsọ ọ́ di púpọ̀, ìwúwo á di 2, 1 àti 1, èsì á jẹ́ 22.5, àṣìṣe á sì dín sí 3.5.

Ibùdó kan péré kò tó láti fi yan ọ̀nà. Gbogbo ibùdó ni wọ́n á fi pamọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ òjò. Ibí yìí náà ni ìtànjẹ tó burú jù wà: bí òṣùwọ̀n méjì bá wà nínú ọgbà kan náà, tí wọ́n fi ọ̀kan pamọ́, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdáhùn tán, ìṣirò á sì dà bí èyí tó péye. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí wọ́n fi pamọ́ pọ̀.

Ọ̀nà yìí ní ààlà tí kò lè kọjá. Èsì rẹ̀ kì í ju iye tó ga jù lọ nínú àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ lọ. Òjò àrá tó ya sórí abúlé kan, tí àwọn ìlú yòókù kò sì rí ju ọ̀wààrà lọ, yóò sọnù pátápátá. Àmì rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ òjò ńlá, ibùdó tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ìṣirò máa ń dín kù. Kò sí ìwúwo tó lè tún ìyẹn ṣe. Òṣùwọ̀n tuntun ni kí wọ́n gbé síbẹ̀.