Rọ́ọ̀dù Pé, Ìwọ̀n Kò Pé

Bí mọ́tò bá ti já rọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ilé, kíkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á. Tí iye rẹ̀ bá ti pé, wọ́n á buwọ́ lùwé. Bẹ́ẹ̀ rọ́ọ̀dù tí wọ́n tà ní mìlímítà 12 lè máà ju 11 lọ, kójú má sì mọ̀ ọ́n. Mìlímítà kan yẹn ti gba nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún irin tó yẹ kó gbé òpó dúró.

Òṣùwọ̀n ló ń tú àṣírí rẹ̀. Mítà kan rọ́ọ̀dù 12 máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 888. Ó lè fi díẹ̀ lé tàbí kó fi díẹ̀ dín, àmọ́ kì í jìnnà síbẹ̀. Wíwọn ìbú rẹ̀ kò dáni lójú tó èyí, nítorí àwọn ìlà tó yọ lára irin lè ṣini lọ́nà.

Ká ní agbaṣẹ́ṣe kan ra 200 ọ̀pá, tí àwọn tó ń tẹ irin sì sọ pé ó ti ń tẹ̀ jù. Ó gé mítà kọ̀ọ̀kan lára ọ̀pá márùn-ún láti inú ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó rí 745, 750, 742, 748 àti 751. Kò sí ọ̀kan tó súnmọ́ 888. Kó tó pe ẹni tó tà á, yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò ya irin náà sọ́tọ̀, yóò tọ́jú páálí tí wọ́n so mọ́ ìdì, yóò sì ya fọ́tò irin lórí òṣùwọ̀n.

Lẹ́tà rẹ̀ kò ní èébú nínú:

“A ra 200 ọ̀pá rọ́ọ̀dù 12 lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà risíìtì rẹ̀ nìyí. Márùn-ún tí a wọ̀n wà láàárín gíráàmù 742 sí 751 ní mítà kan. A ti lo 30, a sì ti sọ fún ẹnjiníà wa. 170 wà nílẹ̀. Ẹ wá wọ̀n ọ́n lójú wa láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sọ ohun tó fà á àti ohun tí ẹ máa ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀.”

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Pípààrọ̀ nìkan kò ní sọ bóyá ilé-iṣẹ́ ló rọ irin tín-ín-rín, tàbí ẹni tó ń kó ẹrù ló ṣi ìdì gbé. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, irú rẹ̀ á ṣì wà ní sọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà mìíràn á sì ti rà nínú rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kò lè sọ bí irin ṣe lágbára tó. Ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fà á títí á fi já ló lè sọ ìyẹn. Bí ọlọ́jà bá kọ etí ikún, ẹ kó ẹ̀rí náà lọ sọ́dọ̀ àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà. Kẹ́ ẹ sì tó buwọ́ lu ìwé ẹrù nígbà mìíràn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò tíì wọ̀n ọ́n.