PS4 Dé Láti Ṣọ́ọ̀bù, Àwòrán Ò Dé

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo gba PS4 àwọn ọmọ mi padà lọ́wọ́ àwọn tó tún un ṣe. ₦35,000 ni mo san kí wọ́n lè pààrọ̀ ojú HDMI rẹ̀, ìyẹn ihò tí a máa ń ki wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sórí telifíṣọ̀n bọ̀. Àwòrán hàn ní ṣọ́ọ̀bù wọn fún bí ìṣẹ́jú méjì, mo sì dúpẹ́. Nígbà tí a délé, iná ẹ̀rọ náà tàn funfun bó ṣe yẹ, àmọ́ `No Signal` nìkan ni telifíṣọ̀n ń kọ.

Mo ti múra ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún rédíò ṣe ló dá mi dúró. Ó ní, "Bóo bá lọ báyìí, wọ́n á ní wáyà rẹ ló bàjẹ́. Lọ wádìí ẹ̀ ná, kóo wá kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú HDMI ní eyín 19, tín-ín-rín bí irun, tí wọ́n ń fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òjé ọ̀kan kò bá mú dáadáa, eyín yẹn á kàn máa fara kan bọ́ọ̀dù ni. Tí wáyà bá tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, àwòrán á hàn. Tí wáyà bá yẹ̀ díẹ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì oníṣẹ́, kó sì kọṣẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n wáyà tó ti já nínú, telifíṣọ̀n tó ní àrùn tirẹ̀, tàbí áísì tó ń darí àwòrán lẹ́yìn ojú HDMI náà lè fa ohun kan náà. Mo fi ọjọ́ Àìkú wádìí, mo sì kọ lẹ́tà yìí:

*Sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù,*

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, mo gbé PS4 kan wá sọ́dọ̀ yín nítorí pé ojú HDMI rẹ̀ ti wọ́. Mo san ₦35,000, mo sì gbà á padà ní ọjọ́ 15. Ó wà nínú rìsíìtì yín pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.*

*Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwòrán kò ti hàn mọ́. Mo lo wáyà méjì tó ń ṣiṣẹ́ lára dìkódà wa, mo sì gbé ẹ̀rọ náà sára telifíṣọ̀n méjì. Bákan náà ni. Mo pa á, mo tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí ó fi dún lẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ `Safe Mode` kò hàn. Tí mo bá rọra gbé orí wáyà sókè, àwòrán á yọ. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á lọ. Fídíò rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.*

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi, títí kan áísì àwòrán, kí ẹ sì parí iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 7 láìgba owó mìíràn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó mi padà. N kò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn tú u.*

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà náà ṣe. Wáyà méjì àti telifíṣọ̀n méjì ti gba àwíjàre àkọ́kọ́ lẹ́nu wọn. `Safe Mode` máa ń gbé àwòrán kékeré tí telifíṣọ̀n púpọ̀ lè gbà. Bí òun náà kò bá hàn, a kò lè di ẹ̀bi ru ìwọ̀n àwòrán tí a yàn mọ́. Fídíò wáyà tí a gbé sókè ń tọ́ka sí òjé tí kò mú. Ẹ má ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́ o, nítorí ó lè ṣí ojú bàbà kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ̀bi á sì di tiyín. Gbólóhùn tó kẹ́yìn náà ṣe pàtàkì: bí ẹlòmíràn bá ti tú ẹ̀rọ, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ ọwọ́ tó bà á jẹ́.

N kò sọ fún wọn pé òjé ni, nítorí èmi kọ́ ni oníṣẹ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ. Ká ní mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òdodo, tó wá jẹ́ áísì ló jó, lẹ́tà mi ì bá ti di irọ́.

Òfin náà wà lẹ́yìn oníbàárà. Apá 130 nínú òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà sọ pé bí iṣẹ́ tí a sanwó fún bá kù díẹ̀ káàtó, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n owó tó bá a mu padà. Àjọ FCCPC ló ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, kò bá mi jiyàn. Ó tú ẹ̀rọ náà níṣojú mi, ó bá eyín méjì tí òjé kò dé ìdí wọn, ó sì tún wọn jó. Kí n tó gbé e kúrò níbẹ̀, mo yọ wáyà, mo tún un kì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn.