Kí Ló Ń Yí Ìwé Lójú Dé Nínú Afẹ́fẹ́?

Lọ́dún 1985, Vladimir Dzhanibekov àti Viktor Savinykh, ará Soviet, lọ tún ilé òfuurufú Salyut 7 ṣe lẹ́yìn tí iná rẹ̀ ti kú pátápátá. Níbi tí Dzhanibekov ti ń tú ẹrù, ó ta nọ́ọ̀tì elétí méjì kan. Nọ́ọ̀tì náà yí bọ́ lórí bóòtù rẹ̀, ó ń pòòyì lọ nínú afẹ́fẹ́. Bó ti rìn díẹ̀, ó ṣàdédé yíjú padà: ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ló wá kẹ̀yìn sí. Ó tún rìn díẹ̀, ó tún yíjú padà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i nílé, kó mú ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kó fi rọ́bà dè é. Ká ní ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó fẹ̀ ní 14, ó sì nípọn ní 3. Bó bá fì í pẹrẹsẹ sókè kó máa pòòyì, ó máa pòòyì dáadáa. Bó bá yí i lórí ìlà tó gùn, kò sí wàhálà. Àmọ́ bó bá jù ú sókè kí orí rẹ̀ máa tàkìtì lọ síbi ìsàlẹ̀, ojú ìwé tó kọjú sí i nígbà tó jù ú yóò ti yí síbòmíràn kó tó hán an.

Ìlà mẹ́ta ni ìwé náà lè yí lé lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ṣòro yí tó. Ẹ ṣèṣirò rẹ̀ báyìí: ẹ fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí kì í ṣe ti ìlà yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Ìlà gígùn ní 14×14 + 3×3, ìyẹn 205. Ti ìpòòyì pẹrẹsẹ jẹ́ 596. Ti ìtàkìtì jẹ́ 409, ó bọ́ sí àárín.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ọwọ́ tó lè ju nǹkan sókè kó má mì rárá. Ìmì kékeré máa ń wà lórí ìlà méjì yòókù, ìmì méjèèjì sì ń ran ara wọn. Lórí ìlà tó kéré jù tàbí tó tóbi jù, ìmì kìíní ń ti èkejì síwájú, èkejì ń fa kìíní sẹ́yìn, nítorí náà wọn kò lè dàgbà. Lórí ìlà àárín, àwọn méjèèjì ló ń ti ara wọn síwájú. Ìṣirò tí Leonhard Euler fi sílẹ̀ fi hàn pé nínú ìwé tiwa yìí, bí ìmì náà ṣì kéré, ó lè di nǹkan bí ìlọ́po 33 láàárín ìyípo kan ṣoṣo. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè rọra tó tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Agbára ìyípo náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù, ìdí nìyẹn tí ìwé kò fi ń dàrú: ó máa yíjú padà, ó máa fara balẹ̀, lẹ́yìn náà ìmì tún bẹ̀rẹ̀. Louis Poinsot ti ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà ní Paris lọ́dún 1834.

Ṣùgbọ́n ohun tó le gbagidi nìkan ni ìlà tó kéré jù ṣe é gbọ́kàn lé. Lọ́dún 1958, Amẹ́ríkà yí Explorer 1 lórí ìlà gígùn rẹ̀. Àwọn éríà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mì lára rẹ̀ jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì lórí ìlà tó tóbi jù.