Ìran mẹ́ta, ìdáhùn kan: báwo la ṣe ń mọ ẹni tó gòkè?

Iwájú ilé wa ní Ìbafọ̀ ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé yà sọ́dọ̀ wa, ó gbé fóònù dání, ó ń bi bàbá mi ní ìbéèrè. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Mẹkáníìkì. Ṣé ẹ ń ṣe é fún ẹlòmíì ni àbí tara yín? Tara mi. Bàbá tó bí yín ńkọ́? Àgbẹ̀ ni, ní apá Ìfọ̀, tara wọn ni wọ́n ń ṣe. Mowe ni èmi ń gbé, àmọ́ mo wá kí wọn lọ́jọ́ náà, ló bá kọjú sí mi. Mo ní mo máa ń gba ohùn sílẹ̀, mo máa ń tún un ṣe fún àwọn tó ní ètò orí rédíò àti pọ́díkáàsì, ẹni tó bá pè mí ni mo ń ṣe é fún. Ó tẹ ojú fóònù rẹ̀: iṣẹ́ ara ẹni.

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Wọ́n ní, "Ìran mẹ́ta, ìdáhùn kan. Ṣé gbogbo owó ilé-ìwé tí mo san yìí, ojú kan náà la ṣì wà?"

Mi ò rí nǹkan sọ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo ti rí kọ́ látìgbà náà ni ètò òní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ máa ń béèrè bóyá ọmọ ju òbí rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìrìn láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ. Wọ́n tún máa ń béèrè bóyá ẹnì kan fúnra rẹ̀ ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìrìn ayé ẹni. Èèyàn lè ju bàbá rẹ̀ lọ dáadáa, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa padà sẹ́yìn láti ọdún mẹ́wàá wá. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ò ní mọ èyí tó ń wò.

Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti ń gba owó oṣù, orúkọ iṣẹ́ tó láti fi wọn nǹkan yìí. Akọ̀wé kékeré, ọ̀gá akọ̀wé, olùdarí: àkàbà ni, a sì rí ìgbésẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ìwádìí tí àjọ NBS ṣe lórí iṣẹ́ ní 2023 fi hàn pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ àkọsílẹ̀. Ìyá tó gbé agbọ̀n tòmátì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Mowe àti ìyá tó ń já tòmátì odidi tírélà, iṣẹ́ ara ẹni ni fóònù yẹn máa kọ fún àwọn méjèèjì. Àkàbà wà níbẹ̀ o, àmọ́ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ fara pamọ́ sí.

Kí làwọn onímọ̀ wá ń ṣe? Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá mú ni ìwé kíkà. Ìdí rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti rántí. Kò sẹ́ni tó mọ iye tí bàbá rẹ̀ ń rí lóṣù ní 1970, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ bóyá bàbá wa parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan tí Alberto Alesina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2021 lórí orílẹ̀-èdè 27 nílẹ̀ Áfíríkà, ohun tí wọ́n wò nìyẹn: nínú àwọn ọmọ tí òbí wọn ò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí rẹ̀? Àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18 ni wọ́n tẹjú mọ́ jù, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń gbé lọ́dọ̀ òbí, ìwé ìkànìyàn sì máa ń so òbí mọ́ ọmọ kìkì tí wọ́n bá jọ ń gbé. Lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, èmi tí mo wà ní Mowe àti bàbá mi tó wà ní Ìbafọ̀ ò tan.

Tí a bá fi èyí wọn ilé wa, ìdáhùn yá. Ẹni ogún ọdún ni bàbá àgbà nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ó ti kọjá lára wọn, wọn ò wọ kíláàsì rí. Bàbá mi parí ìwé mẹ́fà ní 1977. Èmi jáde yunifásítì. A gòkè lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ìwé kíkà ò lè sọ nǹkan kan nípa ìrìn ayé ẹni. Láti 1977, ìwé mẹ́fà náà ni bàbá mi ní, bí wọ́n lówó, bí wọn ò lówó. Fún ìyẹn, a ní láti béèrè owó, ibẹ̀ sì ni gọ̀bẹ wà.

Òṣìṣẹ́ ìwádìí yẹn béèrè iye tó ń wọlé fún wọn lóṣù. Bàbá mi ní, "Á tó 150,000." Wọn ò purọ́ o. Nígbà tí mo jókòó tì wọ́n, mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan kó 60,000 náírà wá. 48,000 níbẹ̀, owó ẹ̀yà ọkọ̀ ni, ọwọ́ wọn ló kàn gbà kọjá. Nínú 12,000 tó kù, wọ́n fún ọmọ iṣẹ́ ní 2,000, wọ́n san 1,000 fún ẹni tó ni ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. 9,000 ni tiwọn. Ẹni tó bá béèrè iye tó wọlé máa gbọ́ nípa 60,000. Ẹni tó bá béèrè ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹ ti yọ gbogbo ìnáwó ló máa gbọ́ nípa 9,000.

Mo wá ṣírò ohun tó kù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kìíní, 31,000. Èkejì, 9,500. Ẹ̀kẹta, òfo, torí wọn ò yá. Ẹ̀kẹrin, 44,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 84,500. Ẹ wá wò ó: tí ìwádìí tọdún yìí bá bá wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tó sì fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, á kọ 176,000. Tí ti ọdún tó ń bọ̀ bá bọ́ sí irú ọ̀sẹ̀ kẹta, á kọ òfo. Ìwé á ní ọkùnrin yìí ti já bọ́ láti orí àkàbà, bẹ́ẹ̀ wọn ò sún kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí díẹ̀, torí òun ló máa ń tan èèyàn jù. Owó tó ń fò sókè sódò bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ìrìn. Tó bá pọ̀, á jọ pé gbogbo ìlú ń gòkè, ń sọ̀kalẹ̀. Bákan náà, owó bàbá tí a ṣì wọ̀n àti owó ọmọ tí a ṣì wọ̀n ò ní jọra, a ó sì rò pé ipò bàbá ò di ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tálákà lè wà nínú ìṣẹ́ gan-an, kí ìṣirò sì máa sọ pé ọ̀nà là fún gbogbo ènìyàn. Ohun tó ń dín àṣìṣe yìí kù ni kí a béèrè lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, kí a sì wo nǹkan tí kì í yí padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ilé, ilẹ̀, irinṣẹ́, iye ọmọ iṣẹ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀nà tó yé mi jù: kàlẹ́ńdà ìgbésí ayé. A máa fa ìlà, a máa kọ àwọn ohun tí gbogbo ìlú rántí sókè, a ó sì ní kí ẹni náà so tirẹ̀ mọ́ ọn. Èmi àti bàbá mi ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Mushin lọ́dún tó ṣáájú ìdìbò Abíọ́lá: 1992 nìyẹn. Wọ́n ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Ìbafọ̀ nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, 1999. Ìpìlẹ̀ ṣe ọdún mẹ́ta kí búlọ́ọ̀kù tó gùn ún. Páànù dórí ilé ní 2006. A kó wọlé lọ́dún tí Yar'Adua gorí oyè, 2007, láìrẹ́ ilé, láìsí sílìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Mowe àti Ìbafọ̀ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ara ògiri lèèyàn ti lè ka ọdún tówó wà àti ọdún tí kò sí.

Tó bá jẹ́ pé ilé nìkan la wò, a ó ní bàbá mi ń gòkè títí di òní. Ni mo bá béèrè iye ọmọ iṣẹ́. Ní Mushin ní 2005, márùn-ún. Lẹ́yìn tí a kó kúrò, méjì. Báyìí, ọ̀kan. Mushin làwọn oníbàárà dúró sí. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin kí páànù tó lè dórí ilé. Ilé gòkè, iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òṣùwọ̀n kan náà ò tó.

Ó wá ku èmi. Ẹni ọdún 27 ni mí, bàbá mi ti lé ní ọgọ́ta, kò tọ́ ká fi wá wéra lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà la ní láti fi wéra. Ní ọdún 27 tiwọn, ní 1992, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, irinṣẹ́ tiwọn àti ọmọ iṣẹ́ méjì, yàrá kan ni wọ́n háyà. Èmi ní ọdún 27, mo ní dìgírì, kọ̀ǹpútà tí mo ṣì ń san owó àjẹmọ́ṣẹ́kù rẹ̀, mi ò ní ọmọ iṣẹ́, yàrá kan ni mo háyà. Ní ti ìwé, mo jù wọ́n lọ fíìfíì. Ní ti ohun tó wà lọ́wọ́, mi ò tíì dé ibi tí wọ́n wà. Àwọn onímọ̀ sì máa ń fẹ́ dúró títí èèyàn á fi tó bí ogójì ọdún kí wọ́n tó dájọ́, torí owó ẹni tó pẹ́ nílé ìwé kì í tètè wọlé.

Sara Berry kọ ìwé kan ní 1985 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó nílẹ̀ Yorùbá àtàwọn ọmọ wọn, àwọn mẹkáníìkì nílé-Ifẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ tó sọ ọ́ ní Yorùbá á jẹ́ pé bàbá ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ. Ohun tí fọ́ọ̀mù ìwádìí yẹn ò rí nìyẹn: owó kúrò nínú iṣẹ́ bàbá, ó bọ́ sínú ìwé ọmọ. Apá kan nínú sísọ̀kalẹ̀ tiwọn ni gígòkè tèmi.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi bí mo ṣe kà á fún yín yìí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo kàlẹ́ńdà náà pẹ́. Wọ́n wá fi ìka sórí 2005, wọ́n ní, "Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún. Mo ti gbàgbé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún ìwé náà, kí a lè kọ tèmi sí i tí mo bá di ẹni ogójì ọdún.