Bí ara baálé kò bá jẹ́ ìpè mọ́

Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ ìyàwó lọ́kàn ni pé ọkọ òun ti ní ẹlòmíràn níta. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ti nǹkan ọkùnrin sì tín-ín-rín. Ibẹ̀ ló lè kọ́kọ́ hàn, kí àìsàn ọkàn tó yọjú.

Ẹ má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ibùsùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, tí àwọn ọmọ ti jáde, ẹ sọ pé: “Bàbá Ṣadé, ọ̀rọ̀ yìí kò bí mi nínú. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò.” Dókítà á bi í bóyá ó ṣì ń le ní ìdájí. Bó bá ń le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àníyàn ló fà á. Ẹ̀rù pé kò ní ṣeé ṣe ń fún iṣan pọ̀, ìyẹn sì ni àtakò gan-an. Nítorí náà, ẹ lè jọ fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó jẹ́ ìfọwọ́kàn lásán.

Ẹ má ra oògùn ale fún un ní bòńkẹ́lẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá ń lo oògùn náítíréètì fún àyà dídùn, Fàyágírà lè já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ débi ikú.