Ìlà Méjì Tó Ń Fi Ibi Tí Àwòrán Wà Hàn

Bàbá àgbà kan gbé awò sórí ìwé ìròyìn, lẹ́tà wẹ́wẹ́ sì di ńlá. Ọmọọmọ rẹ̀ gba awò náà, ó kọ ọ́ sí ilé kan lókèèrè, ó gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Ilé náà hàn lórí bébà, ó kéré, ó sì dorí kodò. Awò kan náà ni o! Bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ara dígí ni ìmọ́lẹ̀ ti máa ń ta padà, igun tó bá bá wọlé náà ló sì ń bá jáde. Ti awò yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, eré rẹ̀ ń dínkù níbẹ̀, bó bá sì wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ á tẹ̀. Awò tó yọ ikùn a máa kó ìtànṣán tó wá tààrà láti òkèèrè jọ sí ojú kan. Àyè tó wà láàárín awò àti bébà ọmọ yẹn ni a ń pè ní f. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.

Ẹ wá gbé àbẹ́là tí iná rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí sẹ̀ǹtímítà 15 níwájú awò náà. Ẹ fa ìlà àárín, kí ẹ sì fi rúlà fa ìtànṣán méjì láti ṣóńṣó iná. Èkíní bá ìlà àárín rìn ní ọgbọọgba dé awò, ó tẹ̀, ó gba ojú ìkójọ òdìkejì kọjá. Èkejì gba àárín awò gan-an, kò tẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ṣóńṣó àwòrán wà.

Ìṣirò gbọ́dọ̀ bá àwòrán mu:

1/f = 1/u + 1/v
1/v = 1/10 − 1/15 = 1/30

Nítorí náà, v jẹ́ 30. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ 1/30 sílẹ̀, wọn ò ní yí i padà. Àwòrán tó wà ní ìdá kan nínú ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ awò, ohun tí ẹ fi rúlà yà sì ti sọ pé irọ́ ni. Ìlọ́po rẹ̀ ni v/u, ìyẹn 2: àwòrán ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó dorí kodò, ògiri sì lè gbà á.

Ẹ sún àbẹ́là náà dé sẹ̀ǹtímítà 6. Ìtànṣán méjèèjì ò ní pàdé mọ́, ṣe ni wọ́n ń jìnnà síra wọn. Ẹ fi ìlà tótòtó fà wọ́n padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pàdé. Ìṣirò fún wa ní v = −15. Àmì ìyọkúrò yẹn ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ àbẹ́là ni àwòrán wà: ó dúró lóòró, ó tóbi ní ìlọ́po 2.5, ògiri kankan ò sì lè gbà á, ojú nìkan ló ń rí i. Irú àwòrán yìí ni bàbá àgbà fi ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀.