Ọ̀nà Tí Ínsúlínì Ń Gbà Jáde

Inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà, nínú pánkíríásì, ni ara ti ń ṣe ínsúlínì. Awọ pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ká léra: ẹndopílásímíìkì rẹtíkúlọ́ọ̀mù. Ráíbósómù tó ń hun purotéènì ló lẹ̀ mọ́ ọn lára tó fi rí ṣákiṣàki. Amíínò ásíìdì 24 tó ṣáájú okùn ínsúlínì ló ń darí rẹ̀ wọnú awọ náà, lẹ́yìn èyí a ó gé e sọnù. Níbẹ̀ ni okùn náà ti ń ká, tí ìdè súfúrù mẹ́ta sì ń dì í mú. Èyí tí kò bá ká dáadáa, sẹ́ẹ̀lì á lé e jáde kúrò níbẹ̀, á sì fọ́ ọ túútúú.

Èyí tó pé á wọ àpò kékeré lọ sí Gọ́ljì. Nínú àpò tó tibẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń gé ègé àárín rẹ̀, sí-pẹ́pítáìdì, kúrò. Amíínò ásíìdì 51 tó kù ni ínsúlínì gan-an. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá gòkè, kálísíọ́ọ̀mù á rọ́ wọ sẹ́ẹ̀lì, àpò á lẹ̀ mọ́ awọ ìta, á sì tú àwọn méjèèjì dà sínú ẹ̀jẹ̀ ní iye kan náà.

Abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò ní sí-pẹ́pítáìdì. Nítorí náà, bí ṣúgà aláìsàn bá já wálẹ̀, tí ínsúlínì rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n tí sí-pẹ́pítáìdì kéré, dókítà mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ti wá.